Sítíráìdì Lẹ́yìn Eré Pẹ̀lẹ́

Nínú àwa mẹ́rin tí a jọ ń sáré ní ìrọ̀lẹ́ lórí pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé wa, kò sí ẹni tí ó ní àyè fún ìdánrawò líle kẹta lọ́sẹ̀. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti Àbámẹ́ta ti tó gbẹ̀mí ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni ìdíje mítà 1500 láàárín àwọn ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ ń bọ̀, mítà 300 tó kẹ́yìn ni wọ́n sì ti máa ń kọjá wa. Èémí ṣì máa ń wà, ẹsẹ̀ ni kì í yá mọ́.

Ohun tí a fi kún un ni èyí tí àwọn eléré ìje ń pè ní sítíráìdì. Lẹ́yìn eré pẹ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, tí a bá ti sáré fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, a ó tún sá eré kúkúrú mẹ́fà, láti ojú ilé bọ́ọ̀lù kan dé èkejì. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 100.

Bí a ṣe ń sá a ló ṣe pàtàkì. A pín ọ̀nà náà sí mẹ́ta. Ní ìdá kìíní, a ń fi iyára kún un díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ìdá àárín, a ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe àsápajúdé: a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a ṣì lè yára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ajá bá lé wa. Ní ìdá tó kẹ́yìn, a ń dẹwọ́ títí a ó fi dúró. Lẹ́yìn náà, a ó rọra rìn padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìrìn yẹn ni ìsinmi wa, ó tó ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan nínú wa ṣe àpẹẹrẹ. Ìṣẹ́jú 5 ló fi ń sá mítà 1500, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú-àáyá 20 ló ń lò fún mítà 100 kọ̀ọ̀kan. Nínú sítíráìdì, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 19 ló ń lò, ibi àárín nìkan ló sì ti ń yára ju ti ìdíje rẹ̀ lọ. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò ju mítà 600 lọ, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn kò sì pé ìṣẹ́jú 10.

Kí ló dé tí èyí kò fi ń rẹ ni bí ìdánrawò líle? Agbára tí iṣan ti tọ́jú pamọ́ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ara ń ná fún irú eré kúkúrú bẹ́ẹ̀, tí a bá sì sinmi, púpọ̀ nínú rẹ̀ á padà kí a tó sá òmíràn. Ẹsẹ̀ kò ráyè wúwo. Àmọ́ iyára náà ń pe àwọn iṣan tí eré pẹ̀lẹ́ kì í pè síṣẹ́, ó sì ń kọ́ wọn láti ṣiṣẹ́ pọ̀ nígbà tí ara ṣì le.

Ìdúró ara náà ń ṣàtúnṣe níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wa máa ń dúró ní àárín pápá láti wo àwọn yòókù. Ó ń wò bóyá ẹsẹ̀ ń balẹ̀ lábẹ́ ìbàdí, bóyá èjìká wà nílẹ̀. Ó tún ń fetí sílẹ̀: bí ẹsẹ̀ bá ń dún gbì-gbì, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹni náà ń na ẹsẹ̀ síwájú jù. Nígbà náà, ìgbésẹ̀ kúkúrú tó yá ni a ń ní kó gbé.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ kò fara sin. Bí ẹnì kan bá fò jáde bí ẹni tí wọ́n yìnbọn fún láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣan ẹ̀yìn itan lè fà. Bí a bá sì gé ìsinmi kúrú, ó ti di ìdánrawò líle mìíràn nìyẹn. Àmì méjì ni a ń wò: bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀ láìmí hẹlẹ nígbà tí ẹ bá rìn padà dé, tàbí tí ẹ̀kẹfà bá falẹ̀ ju èkíní lọ, ẹ ti lo agbára jù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, kó sá mẹ́rin péré, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tí iṣan bá ń dùn, kó fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Sítíráìdì kò lè rọ́pò ìdánrawò ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí kì í kọ́ èémí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹni tí a fi ṣe àpẹẹrẹ sá mítà 1500 ní ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú-àáyá 54. Àwọn ìdánrawò líle ní ìpín tiwọn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mítà 300 tó kẹ́yìn, tó máa ń gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 61 tẹ́lẹ̀, ó sá a ní 57, èèyàn méjì ló sì kọjá níbẹ̀.