Ìwé Àsanparí

Ní ọdún 1884, ẹjọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Foakes àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Beer dé Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà náà jẹ obìnrin yìí ní gbèsè tó lé ní £2,090, kóòtù sì ti dá a fún un pé kó san án. Àwọn méjèèjì wá kọ ìwé àdéhùn pé tí dókítà bá san £500 lójú ẹsẹ̀, tó sì ń san £150 ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà títí owó yóò fi pé, Beer kò ní pè é lẹ́jọ́ mọ́. Dókítà san án, ó san án tán. Lẹ́yìn tó san án tán ni obìnrin náà padà wá béèrè èlé orí owó náà fún gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń san án díẹ̀díẹ̀, àwọn adájọ́ sì ní ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àlàyé wọn ni pé ẹni tó jẹ gbèsè tí kò sí iyàn nínú rẹ̀, tó wá san èyí tó dín, kò fún olówó ní ohunkóhun tí kì í ṣe ti olówó tẹ́lẹ̀. Bí olówó bá tilẹ̀ ṣèlérí pé òun ti fi ìyókù jì í, ìlérí náà kò dè é.

Òfin yìí kì í ṣe tuntun nígbà náà. Láti ọdún 1602, nínú ẹjọ́ ẹnì kan tó ń jẹ́ Pinnel, ni àwọn adájọ́ ti sọ pé owó kékeré kò lè pa gbèsè ńlá, ṣùgbọ́n tí olówó bá gba ẹṣin, àwòdì tàbí ẹ̀wù dípò owó rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí ohun bẹ́ẹ̀ ṣe níyì tó lójú rẹ̀. Òfin náà ṣì wà nílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Tí ilé-iṣẹ́ agbowó-gbèsè bá ti sọ lórí fóònù pé "ẹ san £500 kí ọ̀rọ̀ yìí tán," a ó sáré lọ wá £500, a ó sì fọkàn balẹ̀.

Ohun tó ń yọ ènìyàn nínú òfin Foakes ni iyàn. Bí ìdí tòótọ́ bá wà tí o fi sọ pé o kò jẹ iye tí wọ́n ń béèrè, tí ẹ̀yin méjèèjì sì wá pàdé láàárín, olówó ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti pè ọ́ lẹ́jọ́ lórí ìyókù sílẹ̀, ìwọ náà sì ti fi àwíjàre rẹ sílẹ̀. Kóòtù gbà pé àdéhùn tí tọ̀tún-tòsì ti yááfì nǹkan sí báyìí múlẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le fún wa gan-an nìyí, nítorí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Nílé, tí a bá fẹ́ kí olówó dín owó kù, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀. A ó kó àgbààgbà lọ bá a, a ó kúnlẹ̀, a ó ní a jẹ owó náà lóòótọ́, kó ṣàánú wa. Ẹni tó bá jiyàn lójú olówó ni wọ́n ń pè ní aláìlójútì. Ṣùgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ agbowó-gbèsè bá ti wọ ọ̀rọ̀, ẹ̀bẹ̀ tí a kọ sínú lẹ́tà ni yóò gba iyàn wa lọ́wọ́ wa.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Rashid. Àwọn tó yá a lówó lórí ilé rẹ̀ gba ilé náà, wọ́n tà á, owó tí wọ́n rí kò sì tó gbèsè. Òfin fún wọn ní ọdún 12 láti pè é lẹ́jọ́ lórí ìyókù. Nígbà tí wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2001, ibùdó ìmọ̀ràn òfin kan bá a kọ lẹ́tà méjì. Wọ́n ní kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ láti san owó tó kù náà; wọ́n tún ní ó lè san nǹkan bí £500 láti fi parí rẹ̀, àti pé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ẹbí ni yóò ti yá a. Àwọn olówó kò gbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù lẹ́yìn tí ọdún 12 ti kọjá, lẹ́tà méjèèjì ni wọ́n gbé jáde. Òfin ọdún 1980 lórí àkókò ẹjọ́ sọ pé tí onígbèsè tàbí aṣojú rẹ̀ bá kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i, pé gbèsè náà wà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún láti orí ọjọ́ náà. Agbẹjọ́rò Rashid ní lẹ́tà ìdúnàádúrà ni, pé kóòtù kò gbọdọ̀ wò ó. Ní ọdún 2006, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù dáhùn pé ààbò tí òfin fún lẹ́tà ìdúnàádúrà wà fún ẹni tó ń jiyàn. Rashid kò jiyàn gbèsè, ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín in kù ló ń bẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an nígbà tí mo ka ẹjọ́ yìí, nítorí irú lẹ́tà tí èmi náà ìbá bá ìyá mi kọ ni.

Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ní Peckham mú lẹ́tà wá bá mi. Ilé-iṣẹ́ kan tó ra gbèsè káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ báǹkì ń béèrè £2,340. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n kàn kọ̀wé bẹ̀ wọ́n ni?" Mo ní kó má tíì bẹ ẹnikẹ́ni, kó sì má tíì dárúkọ iye kankan. Lẹ́tà wa àkọ́kọ́ kúrú. A kọ ọ́ pé, "Ẹ sọ pé mo jẹ yín ní £2,340. N kò gbà pé mo jẹ iye yìí." A wá béèrè ẹ̀dà ìwé àdéhùn káàdì náà àti àkọsílẹ̀ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Òfin káàdì àti owó yíyá ti ọdún 1974 ló fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dà ìwé àdéhùn náà. £1 ni owó rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 12. Títí wọn yóò fi fèsì, kóòtù kò lè bá wọn fi agbára gba owó náà. Òfin yìí kò kan owó iná tàbí ti fóònù. Lórí gbèsè káàdì àti owó yíyá, ìlànà àjọ tó ń ṣàbójútó agbowó-gbèsè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé tí ènìyàn bá ń jiyàn gbèsè pẹ̀lú ìdí tó lè jẹ́ òótọ́, kí wọ́n dá owó gbígbà dúró ná kí wọ́n fi wádìí rẹ̀.

Nígbà tí àkọsílẹ̀ dé, a jókòó tì í pẹ̀lú ìwé báǹkì obìnrin náà. £640 tó san fún báǹkì lẹ́yìn tí wọ́n ti ta gbèsè náà kò sí nínú rẹ̀ rárá. Owó ìtanràn £12 tún wà níbẹ̀ nígbà 15, èyí tó jẹ́ £180. Tí a bá yọ méjèèjì, £1,520 ló kù. Iyàn wa wá ní ẹsẹ̀ tó ń tì í nílẹ̀, kì í ṣe iyàn ẹnu lásán. Ọdún mẹ́rin péré ló ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́fà ni òfin fún irú gbèsè yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà a mọ̀ pé wọ́n ṣì lè lọ sí kóòtù. Ìyẹn ló mú kí ìdúnàádúrà bọ́gbọ́n mu.

Lókè lẹ́tà kejì a kọ gbólóhùn tí àwọn lọ́yà ń pè ní wídáùtì préjúdíìsì, ìyẹn ni pé kí wọ́n má fi lẹ́tà náà ṣe ẹ̀rí mú ẹni tó kọ ọ́. Gbólóhùn yẹn nìkan kò tó, bí ẹjọ́ Rashid ti fi hàn. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ iyàn. A to £640 àti £180 sílẹ̀, a fi ìwé báǹkì tì í, a wá kọ ọ́ báyìí: "Láìgbà pé mo jẹ yín ní ohunkóhun, kí iyàn yìí lè parí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ṣetán láti san £600 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní owó náà lóòótọ́, a sì ní ìdí tí a fi kọ ọ́ síbẹ̀. Nínú ẹjọ́ kan tí kóòtù dá ní ọdún 1911, bàbá ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Temple fi ìwé owó ránṣẹ́ sí àwọn tó ń sin ọmọ rẹ̀ ní gbèsè, iye rẹ̀ kò tó gbèsè náà, ó sì ní kí wọ́n fi parí rẹ̀. Wọ́n gba owó náà, wọ́n tún lọ pe ọmọ lẹ́jọ́. Kóòtù ní wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ mọ́: ẹni tó bá ti gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí àsanparí kò lè padà sọ́dọ̀ onígbèsè. Ẹ̀gbọ́n tó bá fẹ́ san gbèsè àbúrò rẹ̀ yóò ṣe é láǹfààní bí òun fúnra rẹ̀ bá fi owó náà ránṣẹ́ tààrà, dípò kó kó o fún àbúrò.

Wọ́n fèsì pé £1,300 ni àwọn lè gbà. A tún kọ̀wé, a kò bẹ̀, a bi wọ́n níbo ni £640 wà, a sì gbé owó ẹ̀gbọ́n sókè sí £850. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ kò dùn mọ́ mi nínú. Ó kàn ní tí £850 bá wọlé, àwọn yóò pa fáìlì náà dé. Ẹni tó pa fáìlì dé lè ṣí i, ó sì lè ta ìyókù fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rí lẹ́tà tuntun gbà lọ́wọ́ àjèjì lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì lórí gbèsè tí wọ́n rò pé ó ti kú. A dá ìwé náà padà, a ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà àkáǹtì náà, orúkọ ẹni tó ni gbèsè gan-an, pé àwọn gba £850 gẹ́gẹ́ bí fúlù ẹń fáínà sẹ́túmẹ́ǹtì, àti pé kò sẹ́ni tí yóò béèrè ìyókù mọ́, wọn kò sì ní tà á. Nígbà tí ìwé tó ní gbogbo rẹ̀ dé ni ẹ̀gbọ́n tó fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà náà lára owó, ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Kò fún wọn ní nọ́ńbà káàdì rẹ̀. Bí owó bá sì pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n kọ, wọ́n lè sọ pé àdéhùn ti já.

Ohun kan tí a kò rí gbà ni kí wọ́n pa àmì gbèsè náà rẹ́ lára àkọsílẹ̀ ìyáwó nọ́ọ̀sì náà. Ọdún mẹ́fà ni àmì náà ń lò níbẹ̀ láti ọjọ́ tí báǹkì kọ ọ́, yálà a san án tàbí a kò san án, wọ́n sì sábà máa ń kọ sí i pé apá kan ni wọ́n san. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó ku ọdún méjì.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ ń parí nínú lẹ́tà báyìí. Tí lẹ́tà tó ń kìlọ̀ ẹjọ́ bá wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, ọjọ́ 30 ni wọ́n fún ènìyàn láti fèsì. Kí a kọ iyàn náà sínú fọ́ọ̀mù yẹn gan-an. Tí ó bá jẹ́ ìwé kóòtù fúnra rẹ̀ ló dé, ọjọ́ 14 ni láti fèsì, tàbí 28 tí a bá kọ́kọ́ sọ fún kóòtù pé a ti rí i gbà. Ìdúnàádúrà tó ń lọ lọ́wọ́ kò dá kíkà ọjọ́ wọ̀nyí dúró, kódà bí ilé-iṣẹ́ náà bá sọ lórí fóònù pé ká má ṣèyọnu. Fọ́ọ̀mù kóòtù ni kí a kọ́kọ́ kọ, kí lẹ́tà ìdúnàádúrà tó tẹ̀ lé e.