Aago Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orúkọ

Ní àárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba ológun ní kí ẹnikẹ́ni má jáde láàárọ̀ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, kí gbogbo wa lè tún àyíká ṣe, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ àwa onílé àdúgbò wa n'Ípọ̀nrí ń ṣèpàdé. Aago mẹ́wàá ni wọ́n máa ń dá ojú pópó sílẹ̀, torí náà a fi ìpàdé tiwa sí mọ́kànlá. Kálukú á ṣan ẹrẹ̀ gọ́tà kúrò lẹ́sẹ̀, á wọ bùbá, á wá jókòó. Èmi ni akọ̀wé wọn. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, bírò méjì àti aago ọwọ́ mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́.

Akọ̀wé tó ṣáájú mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló fà mí létí kí wọ́n tó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó ránṣẹ́ pé òun ò ní lè wá, ẹni tí ìpàdé fún láyè, ẹni tó pẹ́ dé, ẹni tó tètè lọ, àti ẹni tí kò wá tí kò sì ránṣẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí n máa kọ wọ́n. N kò gbọ́dọ̀ kó wọn pọ̀ sójú kan.

Tẹlifóònù ò wọ́pọ̀ nílé èèyàn nígbà náà. Ọmọ la máa ń rán. Ọmọ náà á kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú ìpàdé o, sà. Bàbá mi ní kí ẹ má bínú, ara àwọn ò yá." Màá wo aago, màá kọ orúkọ baba rẹ̀, ìgbà tí iṣẹ́ náà dé, àti ẹni tó jẹ́ ẹ. N kì í kọ irú àìsàn tó ń ṣe baba. "Ara wọn ò yá" ti tó. Ìwé míníìtì máa ń pẹ́ láyé, ọmọ ọmọ ẹni lè kà á lọ́jọ́ kan, kò sì yẹ kó bá àṣírí inú yàrá níbẹ̀.

Ẹni tó ránṣẹ́, kò wá náà ni. A kì í kà á mọ́ àwọn tó jókòó, kò sì lè fi ìwé dìbò. Ìgbà kan, baba kan kọ ọ́ sínú ìwé pélébé pé ohunkóhun tí Alága bá fọwọ́ sí, òun náà fọwọ́ sí i. A kà á sétí ìpàdé, a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ dókè, ọwọ́ àwọn tó wà ní yàrá nìkan la kà.

Àyè tí ìpàdé fún èèyàn yàtọ̀ sí èyí, torí ìpinnu ni, ìpinnu sì ní láti lójú. Nígbà tí Àlhájì kan nínú wa fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, tí wọ́n sì fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ lẹ́tà. Mo kà á, ẹnìkan dábàá kí a gbà fún wọn, ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn, mo sì kọ ọ́ pé a fún wọn láyè láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje títí dé ìparí oṣù kẹsàn-án. Òfin wa ni pé ẹni tó bá pa ìpàdé mẹ́ta léra wọn jẹ láìsọ nǹkan kan, àga rẹ̀ ti ṣófo. Déètì méjèèjì yẹn ló dáàbò bo àga Àlhájì. Bí oṣù kẹwàá bá bá wọn lọ́hùn-ún, wọ́n ní láti kọ lẹ́tà mìíràn, torí àyè àkọ́kọ́ ti tán. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tiwa nìkan. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní aṣòfin tí iye ọjọ́ tí kò wá sí ìjókòó bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ tí ilé fi jókòó lọ́dún lọ, tí kò sì ní ìdí gúnmọ́, yóò pàdánù àga rẹ̀.

Ẹni tó pẹ́ dé àti ẹni tó tètè lọ ló máa ń fa wàhálà jù. Orúkọ wọn kò gbọ́dọ̀ wà lókè ìwé nìkan láàárín àwọn tó wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nígbà tí wọ́n wọlé tàbí tí wọ́n dìde la ti ń kọ ọ́, pẹ̀lú aago. Mo rántí Sátidé kan tó fi èyí hàn kedere. Mọ́kànlá ni àwa ìgbìmọ̀, a kò sì lè ṣe ìpinnu bí a kò bá pé méje. Lọ́jọ́ náà, Àlhájì wà lẹ́nu àyè tí a fún wọn, ẹnìkan ránṣẹ́, Injiníà kò tíì dé. Àwa mẹ́jọ la bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé mi nìyí, bí mo tilẹ̀ fi oyè dípò orúkọ níbí:

12:30. Ìyá Ìjọ tọrọ gááfárà, wọ́n lọ. Ó ku 7.
12:50. Olóyè lọ. Ó ku 6.
1:05. Injiníà wọlé. A di 7.
1:15. Ìpinnu lórí owó ọlọ́dẹ: 5 gbà, 2 kò gbà.

Bí Olóyè ṣe jáde báyìí, Alága kọjú sí mi: "Akọ̀wé, mélòó la kù?" Mo ní, "Mẹ́fà, sà." Wọ́n ní kí a fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀, kí akápò máa ka ìròyìn tirẹ̀, torí gbígbọ́ ìròyìn kì í ṣe ìpinnu. Ìgbà tí Injiníà ti ẹnu iṣẹ́ wọn l'Ápápá dé la tó padà sórí owó.

Nígbà tó di ìpàdé gbogbo onílé, ọkùnrin kan dìde pé òun ò ní san owó ọlọ́dẹ. Ó ti gbọ́ lẹ́nu Olóyè pé mẹ́fà péré ló kù. Òótọ́ ni Olóyè sọ, torí mẹ́fà ni wọ́n fi sílẹ̀ lóòótọ́. Alága ní kí n ka ìwé. Nígbà tí mo ka 1:05 àti 1:15, ọkùnrin náà ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, ó sì jókòó. Ká ní orúkọ mẹ́sàn-án lásán ni mo tò sókè ìwé, kò sí ohun tí à bá fi dá a lóhùn ju ariwo lọ.

Ẹni tó bá sì ní aago mi yára jù, ìpàdé tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí a bá ti ka míníìtì tán, ló ti lè sọ ọ́. Bí ilé bá gbà fún un, màá fa ìlà kan péré gba orí aago àtijọ́ kí ó ṣì ṣeé kà, màá kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Alága á sì fọwọ́ sí i. N kì í pa á rẹ́.

Ọmọbìnrin tó jẹ́ akọ̀wé báyìí kì í dúró de ọmọ tó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Orí Wásáàpù ni ẹ̀bẹ̀ ń gbà wá, aago sì ti wà lára rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹni tó kọ ọ́ pé "mo ti wà lójú ọ̀nà" kò tíì dé o. Ó wá bi mí nípa àwọn tó ń bá ìpàdé ṣe láti orí fóònù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já mọ́ wọn lẹ́nu. Mo ní kó ṣe é bí a ti ṣe ti Olóyè àti Injiníà: ìgbà tó bá já, ó ti lọ, ìgbà tó bá padà, ó ti wọlé, kí ó sì ka iye tó kù kí ẹnikẹ́ni tó dìbò.