Nọ́ńbà Yín Wà Nínú Ìwé Wa

Ẹ̀yin ará tí ẹ wà lọ́nà jíjìn,

Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, ojú ewé tí a fi ń tan ìsìn wa káàkiri láti Kàdúná kọ̀ láti ṣí. Wọ́n ti tì í pa, wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó máa ń wò wá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ènìyàn 23 péré ni mo bá nínú fóònù mi. Màmá kan ní Sókótó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé ìjọ ti túká ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ilé onílé la ń gbé, kọ́kọ́rọ́ kò sì sí lọ́wọ́ wa.

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin: orúkọ, ìlú, nọ́ńbà WhatsApp, àti ímeèlì tàbí nọ́ńbà ẹlòmíràn nínú ilé, nítorí ènìyàn a máa pààrọ̀ síìmù. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ olúkúlùkù kí n tó kọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan ní kí n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp. N kò gbà, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè rí nọ́ńbà ara wọn, gbájúẹ̀ kan sì lè wọlé kó o lọ. Broadcast list ni mo lò. Ó ń gba ènìyàn 256. Ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò dé ọ̀dọ̀ olúkúlùkù bí ẹni pé òun nìkan ni mo kọ ọ́ sí, èsì rẹ̀ yóò sì padà sọ́dọ̀ mi nìkan.

Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá tíì fi nọ́ńbà mi pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ kò ní rí ọ̀rọ̀ náà gbà, kò sì sí ohun tí yóò ta mí lólobó. Ìgbà àkọ́kọ́, mo kọ ọ́ sí ènìyàn 96. Ní ọjọ́ kejì mo tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, mo yan Info, mo sì rí i pé ènìyàn 61 ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo pe àwọn 35 yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn díẹ̀ pa fóònù ni, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù kò fi nọ́ńbà mi pamọ́. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 88.

Láti ìgbà náà, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, mo sì ń fi àmì sí iwájú orúkọ ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ, nítorí fóònù tèmi náà lè sọnù.

Nígbà tí a kó lọ sí ojú ewé tuntun, aago méje àárọ̀ ni mo fi línkì rẹ̀ ránṣẹ́. Kí a tó kọ orin àkọ́kọ́, màmá Sókótó ti dá mi lóhùn pé: "Ọmọ mi, mo ti jókòó o. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀."