Afẹ́fẹ́ Ò Sí Nínú Àwòrán Náà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ya fọ́tò ojú ewé kan nínú ìwé kẹ́mísìrì, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí Wọ́ọ̀sáàpù. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú àwòrán náà. Wọ́n pàdé lójú kan bí oríta, wọ́n sì pín ojú ewé náà sí mẹ́ta: yìnyín lápá òsì, omi láàárín lókè, oru omi nísàlẹ̀ títí lọ dé apá ọ̀tún. Fọ́tò náà wọ́ díẹ̀, òjìji ọwọ́ ẹni tó yà á sì bo igun kan. Kò pẹ́ tí ẹlòmíràn fi béèrè pé: "Àwòrán yìí ní omi ni omi máa jẹ́ ní dígírì 25. Kí ló wá dé tí aṣọ mi ń gbẹ lórí okùn, nígbà tí omi ara rẹ̀ kò hó?"

Ìbéèrè gidi ni, àwọn kan kàn fi ẹ̀rín dá a lóhùn ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ka àwòrán náà. Bí ẹ bá ti òsì lọ sí ọ̀tún, ìgbóná ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá ń gòkè, ìtẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, ìyẹn agbára tí nǹkan fi ń tẹ omi náà láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Páskàlì la fi ń wọ̀n ọ́n. Létí òkun, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ wá tó páskàlì 101,325. Láàárín àgbègbè kọ̀ọ̀kan, ìpò kan ṣoṣo ni omi lè wà. Lórí ìlà nìkan ni ìpò méjì ti lè jọ gbé, tí ọ̀kan kò ní jẹ èkejì tán. Ìlà tó wà láàárín yìnyín àti omi ni ti yíyọ́, èyí tó wà láàárín omi àti oru ni ti híhó.

Ohun tí fọ́tò náà kò kọ síbẹ̀ ni pé omi nìkan ni àwòrán yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ ro ó bí ìgò tí wọ́n dí pa, tí kò sí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀ ju omi lọ, àní afẹ́fẹ́ pàápàá kò sí. Aṣọ orí okùn kò sí nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ní dígírì 25, ìlà híhó wà ní nǹkan bíi páskàlì 3,169. Bí oru omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ àyíká aṣọ bá ń dá tẹ̀ ní páskàlì 1,000 péré, bó ṣe lè rí lọ́jọ́ ọyẹ́, mólékù omi tó ń kúrò lára aṣọ á pọ̀ ju èyí tó ń padà síbẹ̀ lọ, aṣọ á sì gbẹ. Bí ti afẹ́fẹ́ bá dé 3,169, ó parí, aṣọ á tutù síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fọ jínìsì nínú oṣù Keje mọ ohun tí mò ń wí. Híhó yàtọ̀: ìhòòhò tó ń jáde láti ìsàlẹ̀ ìkòkò gbọ́dọ̀ lágbára tó láti ta gbogbo 101,325 náà padà, omi kì í sì ní irú agbára bẹ́ẹ̀ àfi tó bá dé dígírì 100.

Ó yẹ kí ẹ wo bí ìlà méjèèjì ṣe rí. Ti híhó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ọ̀tún, ti yíyọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sin ìlú ní Jos, gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé ẹ̀wà ibẹ̀ kì í tètè jinná bíi ti Ìbàdàn. Jos ga tó nǹkan bíi mítà 1,200, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi páskàlì 88,000 lọ. Ẹ fa ìlà láti ibẹ̀ kan ti híhó, ẹ óò bọ́ sí nǹkan bíi dígírì 96. Bí ẹ bá koná mọ́ ọn títí di ọ̀la, omi náà kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kìkì pé yóò tètè gbẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fa ìlà kan náà lọ sí òsì, kan ti yíyọ́. Yìnyín Jos àti ti Èkó kò fi ju ìdá kan nínú 1,000 dígírì kan lọ ju ara wọn.

Ìlà yíyọ́ yìí tún ní ìwà kan: ó tẹ̀ díẹ̀ sí òsì bó ṣe ń gòkè, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ń tẹ̀ sí ọ̀tún. Ìdí ni pé yìnyín gba àyè ju omi tó ti wá lọ, òun náà ló sì jẹ́ kó máa léfòó, tó ń fọ́ ìgò nínú fìríìsà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gan-an, á sá lọ sí ìpò tí kò gba àyè púpọ̀, ìyẹn omi.

Ibi tí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni mò ń pè ní oríta mẹ́ta. Yìnyín, omi àti oru jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní páskàlì 611.657 àti dígírì 0.01. Bí ìtẹ̀ bá kéré sí èyí, yìnyín kì í yọ́ rárá, ńṣe ló ń di oru tààrà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbẹ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kí ó tó di lẹ́búlẹ́bú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 0.01, tí kì í ṣe 0? Afẹ́fẹ́ náà ni. Dígírì 0 tí a mọ̀ jẹ́ ti yìnyín tó wà ní gbangba. Ẹ gbé ìtẹ̀ láti 611 lọ sí 101,325, ìlà tó tẹ̀ sí òsì yẹn á fa ojú yíyọ́ wálẹ̀ ní nǹkan bíi 0.0075. Afẹ́fẹ́ tó yòrò sínú omi á tún fà á wálẹ̀ ní nǹkan bíi 0.0024. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ óò rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 0.01 géérégé.

Àwọn tó ń ṣe òṣùwọ̀n ìgbóná ní ìgò pàtàkì fún oríta yìí. Omi tó mọ́ gaara ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ kúrò kí wọ́n tó fi iná dí i. Bí wọ́n bá rọra yí ìgò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi á gbá ara dígí pẹ̀lú ìró ko bí irin. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wọlé, ìró náà á dákẹ́. Wọ́n á mú kí yìnyín dì yí ọ̀pá ihò tó wà láàárín ká, wọ́n á wá jẹ́ kí inú rẹ̀ yọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí yìnyín náà á fi lè máa yí fàlàlà. Irú ìgò yìí ni ayé fi ń mọ ohun tí Kẹ́lífìnì kan jẹ́, tí wọ́n sọ oríta náà ní 273.16, kí wọ́n tó gbé ìtumọ̀ rẹ̀ kúrò lára omi ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí fọ́tò wa. Ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ya ìtẹ̀ etí òkun ní sẹ̀ǹtímítà 10 sókè, oríta mẹ́ta ì bá wà ní mìlímítà 0.6 láti ìsàlẹ̀, ẹ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Bó bá jẹ́ pé dígírì 0 sí 100 gba sẹ̀ǹtímítà 10, àlàfo 0 sí 0.01 á tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlà yíyọ́ kò ní jọ pé ó tẹ̀, torí ó tó ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ayé lọ́nà 130 kó tó lè sún dígírì kan péré. Ayàwòrán ló fà á gùn kí ojú wa lè rí i.