Ta Ló Ni Òfin Yìí?

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí l'Ékòó, ohun tí a máa ń bi ilé-iṣẹ́ tó bá ra sọ́fítíwia ni pé, "Kí lẹ fẹ́?" Gbogbo ohun tí wọ́n bá kà sílẹ̀ la ń kọ kóòdù fún. Ìlànà ASAP tí ilé-iṣẹ́ SAP gbé jáde ní 1996 náà kọ́kọ́ ń ní ká kọ ìwé ńlá nípa bí oníbàárà ṣe fẹ́ kí iṣẹ́ òun rí. Kóòdù wọ̀nyẹn kì í bá ẹ̀dà tuntun rìn, a sì máa ń tún un kọ ni. Láti 2015 tí Activate ti rọ́pò ASAP, ọ̀nà yí padà. A ó ṣí sọ́fítíwia bó ṣe wà, a ó ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan lójú wọn, wọn yóò sì dá wa dúró níbi tó bá ti ku díẹ̀ káàtó. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń béèrè pé: ta ló ni òfin yìí?

Ní Ugbuwangue, nílùú Warri, mo ṣe irú ìpàdé yìí fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ fún àwọn elépo rọ̀bì. Akáǹtì wọn fi ìwé gbèsè hàn mí: lórí iṣẹ́ 20,000,000 náírà, ká yọ ọ̀rọ̀ owó orí sẹ́yìn, 200,000 kù tí oníbàárà wọn kò san rí. Kì í ṣe gbèsè. Òfin 2010 tó dá lórí iṣẹ́ epo rọ̀bì fún ọmọ Nàìjíríà ló ní kí wọ́n yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó kọngíráàtì kí wọ́n tó sanwó. Òfin ìjọba nìyẹn, kò ṣeé yí, àmọ́ kò gba kóòdù. Nínú Odoo tí wọ́n rà, a fi í kún àwọn owó orí tó wà níbẹ̀, a kọ `-1.0000 %` sí àyè `Amount`, a sì darí rẹ̀ sí àkáǹtì tirẹ̀.

Ti dísẹ́ẹ̀lì ló gba àkókò jù. Máníjà ní òun máa ń fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kí epo tó kúrò ní sítọ̀ọ̀. Màmá tó ń bójú tó sítọ̀ọ̀ dìde, ó fi píjìn sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀." Ó ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí lọkọ̀ ń gbéra. Aago mẹ́sàn-án ni máníjà ń dé. Wọ́n fẹ́ kóòdù tí yóò jẹ́ kí wọ́n lè dá ọjọ́ àti aago padà sẹ́yìn. Mo kọ̀. Bí a bá kọ ọ́, ní gbogbo òwúrọ̀ ni epo inú táǹkì yóò máa kéré sí ti inú kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ bóyá olè ló jà tàbí ìwé ló pẹ́. Kì í ṣe ìjọba ló ni òfin ìbuwọ́lù yẹn, oníbàárà kọ́ ló sì ni ín. Ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì lè yí i. Ní báyìí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni máníjà ń fọwọ́ sí ètò ìrìnàjò ọkọ̀. Màmá sì ń tẹ iye lítà tó bá bù síbẹ̀ gan-an, lójú ẹsẹ̀.

Fọ́ọ̀mù àkókò iṣẹ́ ọkọ̀ nìkan ló gba kóòdù. Oníbàárà wọn ti kọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rí sínú kọngíráàtì, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́nà mìíràn, kò ní sanwó.

Ẹ̀yin tó ń pe irú ìpàdé yìí, ẹ má fi í mọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń bu dísẹ́ẹ̀lì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀.