Ẹ̀gbọ́n Di Àbúrò

Ìyá àgbà mi ń ka ìtàn ìdílé wa ní Kétu, mo sì ń fi ẹ̀rọ afọ̀rọ̀wérọ̀ tò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ ẹni tí í ṣe ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gùn, ẹ̀rọ sọ àbúrò di ẹ̀gbọ́n; ìjà ilẹ̀ nìyẹn ní agboolé wa! Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ni ó lè rí lẹ́ẹ̀kan. Bí àyè bá kún, ti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó sábà ń bọ́ sọnù. Mo ní kó ṣe àkópọ̀, ṣùgbọ́n “ọmọ mẹ́ta” ni ó kọ, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo wá fọwọ́ ara mi to orúkọ wọn, mo fi ṣáájú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ tuntun, àkópọ̀ tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sì wà láìgé. Lóòrèkóòrè, mo ń bi í léèrè àkọ́bí. Bó bá ṣì í, mo tún to orúkọ náà fún un.