Mélòó ni? Àwọ̀ wo ni?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́ta tó lè ka ení, èjì, ẹ̀ta títí dé ẹ̀wá kò wọ́n ní Ṣáṣá. Inú wa a máa dùn, a ó sì ní kó tún un kà kí àlejò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kó àlùbọ́sà márùn-ún síwájú ọmọ náà, kí ẹ wá sọ pé, "Fún mi ní mẹ́ta." Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò gbá gbogbo rẹ̀ jọ fún yín. Kì í ṣe àìgbọ́n. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó lẹ́nu ni, kò tíì mọ iye.

Èdè tiwa náà tún ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Bí a bá ń kà lásán, ení, èjì, ẹ̀ta là ń wí. Bó bá di iye nǹkan, a ó ní àlùbọ́sà kan, àlùbọ́sà méjì, àlùbọ́sà mẹ́ta. Ọmọ tó jẹ́ pé ení, èjì nìkan ló ń gbọ́ nílé kò tíì ní ohun tí yóò fi dáhùn bí a bá bi í pé mélòó. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìbéèrè kékeré yìí, "Mélòó ni?" Bí ìbéèrè ṣe dún níbẹ̀rẹ̀ ni ìdáhùn náà ṣe ń dún: mélòó, méjì.

Ẹ gbé àlùbọ́sà méjì sórí àwo. "Mélòó ni?" Bó bá ní "Méjì," ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ fi kún un: "Ó káre, àlùbọ́sà méjì ni." Bó bá dákẹ́, ẹ di ìka rẹ̀ mú, ẹ fi kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ení, èjì. Méjì ni." Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún bi í pé mélòó ni. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ení, kò tíì yé e pé ibi tí kíkà parí sí ni iye gbogbo rẹ̀. Ẹ má bínú sí i. Karen Wynn, tó ṣe ìwádìí lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, rí i pé ọmọ máa ń kọ́kọ́ mọ ẹyọ kan dájú, kó tó mọ méjì, kó tó mọ mẹ́ta, oṣù púpọ̀ sì lè wà láàárín wọn. Nítorí náà, ọmọ tó ń fún yín ní méjì láìṣìṣe, àmọ́ tó ń bu ẹ̀kúnwọ́ bí ẹ bá béèrè mẹ́ta, ń bọ̀ lọ́nà dáadáa. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí mẹ́ta. Ẹ má tíì mú un dé ẹ̀ẹ́dógún, níbi tí a ti ń yọ márùn-ún kúrò nínú ogún.

Ní ti àwọ̀, ọjà Ṣáṣá ti bá wa ṣe ààbọ̀ iṣẹ́. Ẹ má fi rodo kọ́ ọmọ, nítorí ọwọ́ tó fi mú un náà ni yóò fi nu ojú. Tòmátì kò ta, ṣùgbọ́n n kì í fi í bẹ̀rẹ̀. Pupa ni gbogbo tòmátì tí ọmọ ń rí nínú agbọ̀n, ó sì lè rò pé orúkọ mìíràn tí tòmátì ń jẹ́ ni pupa. Àlùbọ́sà ló dára jù: pupa wà, funfun wà, nǹkan kan náà ni, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. "Èwo ni pupa?" Ẹ jẹ́ kó nawọ́ sí i ná; ọmọ a máa mọ̀ ọ́n kí ẹnu rẹ̀ tó lè sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, "Àwọ̀ wo nìyí?" "Funfun." "Ẹ̀hẹ́n, àlùbọ́sà funfun ni." Ìgbà tó bá wo iyọ̀, tó ní funfun, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, lẹ tó lè sọ pé ó mọ̀ ọ́n.

Pupa, funfun àti dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́. Ara nǹkan la ti ń mú orúkọ ọ̀pọ̀ àwọ̀ yòókù, bí àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, wọ́n lè dúró. Pupa tiwa fẹ̀: epo pupa ni, tòmátì pupa ni, ènìyàn pupa náà wà. Bí wọ́n bá pe àwọ̀ àlùbọ́sà pupa ní nǹkan mìíràn fún ọmọ níléèwé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé tilé kò dára. Bó bá sì rí ewé ẹ̀fọ́ tó tutù dáadáa lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá, tó ní ó dúdú, àgbà náà ń wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má béèrè iye àti àwọ̀ pa pọ̀ títí yóò fi lè dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tí ẹ ó gé àlùbọ́sà sọ́bẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ fi méjì lé ọmọ lọ́wọ́ kí ẹ tó mú ọ̀bẹ.